Ìlà, Iná àti Pátákó: Ohun Tí Awakọ̀ Bàálù Ń Kà Lórí Ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ èrò ló gbà pé òkè lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ awakọ̀ bàálù ti le jù. Bẹ́ẹ̀ lókè, ẹ̀rọ pọ̀ níwájú rẹ̀ tó ń sọ fún un bó ṣe ga tó, bó ṣe ń sáré tó, àti ibi tó dorí kọ. Nígbà tí táyà bá kanlẹ̀ tán tí bàálù sì ń rọra yí lọ sí ibi tí èrò yóò ti bọ́ sílẹ̀, ojú ló kù tí awakọ̀ máa fi wá ọ̀nà. Ilẹ̀ náà tẹ́jú lọ salalu, kò sí ilé, kò sí igi, ìgbà tí oríta bá sì yọ, oríta kan jọ èkejì ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọ̀dà, iná àti pátákó kọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo ojú pápákọ̀ òfurufú, tí ìtumọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà ní Ìkẹjà, ní Kútọnù àti ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ojú ọ̀nà gígùn tí bàálù ti ń sáré gbéra, tó sì ń balẹ̀ sí, ni a ń pè ní rọ́nwéè. Àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so rọ́nwéè mọ́ ibi tí bàálù ń dúró sí kó èrò ni tásíwéè. Ohun àkọ́kọ́ tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àwọ̀ ọ̀dà. Funfun ni gbogbo ìlà àti nọ́ńbà tó wà lójú rọ́nwéè. Yẹ́lò ni ti tásíwéè. Awakọ̀ tó bá wo ilẹ̀ tó rí ìlà funfun níbi tó ti ń retí yẹ́lò ti mọ̀ pé òun ti wọ ibi tí bàálù mìíràn lè ti máa sáré bọ̀, kí ó tó ka lẹ́tà kankan rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi pápákọ̀ Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù ní Ìkẹjà ṣe àpẹẹrẹ. Rọ́nwéè méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n lọ ní ìbú kan náà láti àríwá sí gúúsù. Ní orí kọ̀ọ̀kan rọ́nwéè, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà gàdàgbà tí awakọ̀ lè kà láti òkè. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe iye rọ́nwéè tó wà, kì í sì í ṣe ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ. Kọ́ḿpáàsì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bàálù tó dojú kọ gúúsù gan-an wà lórí 180 nínú dígírì 360 tó yí kọ́ḿpáàsì ká. Wọ́n yọ òdo ẹ̀yìn kúrò, ó di 18. Ẹni tó bá gba orí kejì rọ́nwéè kan náà wọlé dojú kọ àríwá, orí 360 ló wà, nítorí náà 36 ló máa rí lábẹ́ imú bàálù rẹ̀. Nítorí pé rọ́nwéè méjì ló dojú kọ ibì kan náà, wọ́n fi lẹ́tà kún un: L fún ti ọwọ́ òsì, R fún ti ọwọ́ ọ̀tún. Báyìí ni rọ́nwéè kúkurú tó wà nítòsí ibùdó àwọn tó ń lọ láàárín orílẹ̀-èdè ṣe ń jẹ́ 18L láti àríwá, tó sì ń jẹ́ 36R láti gúúsù. Ó gùn tó nǹkan bí 2,740 mítà. Èkejì rẹ̀, 18R tàbí 36L, gùn tó 3,900 mítà.

Àwọn àgbà awakọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa rántí pé 19 àti 01 ni wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà kan. Rọ́nwéè náà kò kúrò lójú kan. Agbára inú ayé tó ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì ló ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, débi pé ohun tí abẹ́rẹ́ ń kà lórí ilẹ̀ kan náà ti yàtọ̀. Tí ìyàtọ̀ náà bá ti pọ̀ tó, a máa gbé ọ̀dà, a máa pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, a ó sì kọ tuntun. Ìwúlò rẹ̀ fún awakọ̀ rọrùn: kó tó tẹ iná sí ẹ́ńjìnnì láti gbéra, á wo nọ́ńbà tó wà lójú rọ́nwéè, á wo kọ́ḿpáàsì rẹ̀, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ṣáájú nọ́ńbà yẹn, wọ́n tò àwọn ìlà funfun nínà jọ ní ìbú ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà rọ́nwéè, ibi tí bàálù tó ń balẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi táyà kan ilẹ̀. Iye ìlà náà pàápàá ń sọ̀rọ̀: méjìlá ni fún rọ́nwéè tó fẹ̀ tó 45 mítà, mẹ́rìndínlógún fún èyí tó fẹ̀ tó 60. Ní àwọn pápákọ̀ kan, ọ̀fà funfun ló máa kọ́kọ́ wà kí a tó dé àwọn ìlà wọ̀nyí. Ojú ọ̀nà tí ọ̀fà wà lórí rẹ̀ dára láti rìn, ó dára láti bẹ̀rẹ̀ eré ìgbéra, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí i. Ó lè jẹ́ pé igi tàbí ilé kan wà lẹ́yìn ọgbà tí bàálù gbọ́dọ̀ ga ju. Tó bá jẹ́ àgbélébùú tó rí bíi X ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ti ojú ọ̀nà yẹn pa nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bá awakọ̀ kan jókòó. Èrò ti wọlé tán, wọ́n ti tilẹ̀kùn, ó sì ti gba àṣẹ látọ̀dọ̀ olùdarí ìrìnnà tó wà lókè ilé gogoro. Àṣẹ yẹn kì í ṣe “máa lọ” lásán. Wọ́n á dárúkọ tásíwéè tó máa gbà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì sọ ibi tó máa dúró sí. Lẹ́tà ni orúkọ tásíwéè, nígbà mìíràn lẹ́tà àti nọ́ńbà, bíi A, B tàbí B1, tí wọ́n ń pè ní Álífà àti Bráfò lórí rédíò kí etí má baà ṣì í gbọ́. Wọn kì í lo I àti O, nítorí wọ́n jọ 1 àti òdo. Wọn kì í sì í lo X, nítorí ìtumọ̀ rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀.

Ìlà yẹ́lò kan ṣoṣo ló gba àárín tásíwéè kọjá. Iṣẹ́ awakọ̀ ni kó jẹ́ kí táyà imú bàálù máa tẹ̀ lé e. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì yóò jìnnà tó sí ohunkóhun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìyẹn tó bá jẹ́ irú bàálù tí wọ́n ṣe ọ̀nà náà fún. Láti orí ìjókòó rẹ̀ awakọ̀ bàálù ńlá kì í rí ṣóńṣó ìyẹ́ ara rẹ̀, nítorí náà ìlà yẹn ló gbára lé.

Ìgbà tó bá dé oríta ni pátákó wúlò. Mẹ́ta ni irú tó ṣe pàtàkì nínú wọn, àwọ̀ ló sì yà wọ́n. Pátákó dúdú tí wọ́n fi yẹ́lò kọ lẹ́tà sí ń sọ ibi tí o wà. Pátákó yẹ́lò tí wọ́n fi dúdú kọ lẹ́tà àti ọ̀fà sí ń sọ ọ̀nà tó wà níwájú àti ibi tí ó yà sí. Nítorí náà bí awakọ̀ bá rí B lórí dúdú, tí C sì wà lórí yẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀fà tó nà sí ọ̀tún, ó ti mọ̀ pé òun wà lórí Bráfò, pé bí òun bá yà sí ọ̀tún òun yóò bọ́ sórí Ṣálì. Ìṣòro ńlá ni tí ẹnì kan bá fi ìkánjú ka pátákó yẹ́lò bí ẹni pé ibi tó wà ló ń sọ. Lẹ́tà kan náà ni, àwọ̀ ló yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ̀kẹta ni pátákó pupa tí wọ́n fi funfun kọ. Kò ṣe àlàyé ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Àṣẹ ni. Ohun tó sábà máa ń wà lórí rẹ̀ ni orúkọ rọ́nwéè tó wà níwájú, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé o kò gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀ láìgba àyè. Ọgbọ́n kékeré kan wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Tí awakọ̀ bá ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, tó dé ẹ̀bá rọ́nwéè kúkurú ti Ìkẹjà ní àárín-méjì, ohun tó yẹ kó rí ni 18L-36R. Ẹni tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀ ní òdìkejì yóò rí 36R-18L. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ òsì pátákó ni ti orí rọ́nwéè tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Ti ọwọ́ ọ̀tún sì wà lọ́tùn-ún. Bí wọ́n bá ní kó wọlé kó gbéra lórí 18L, pátákó yẹn nìkan ti sọ fún un ibi tí orí ọ̀nà wà. Tó bá jẹ́ pé orí rọ́nwéè gan-an ló ti fẹ́ wọlé, nọ́ńbà orí yẹn nìkan ni wọ́n máa kọ.

Lórí ilẹ̀, ní tààrà ibi tí pátákó pupa wà, wọ́n fi yẹ́lò fa ìlà mẹ́rin ní ìbú ọ̀nà. Méjì nínú wọn já gaara láìgé, méjì yòókù jẹ́ gígé-gígé. Tí mo bá ní kí èrò inú bàálù mọ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni mo máa mú. Ẹ̀gbẹ́ tí ìlà kò ti gé ni ẹ̀gbẹ́ tí a ti ń dúró. Ẹ̀gbẹ́ tí ó ti gé ni ẹ̀gbẹ́ rọ́nwéè. Awakọ̀ tó ń lọ gbéra yóò kọ́kọ́ bá ìlà tí kò gé pàdé, á dúró gbọn-in, imú bàálù kò ní kọjá rẹ̀. Ẹni tó ń ti rọ́nwéè jáde lẹ́yìn tó balẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá èyí tó gé pàdé, á gba orí rẹ̀ kọjá láìdúró, kò sì ní gbà pé òun ti kúrò lójú rọ́nwéè àyàfi tí ìrù bàálù náà bá ti kọjá gbogbo ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí rọ́nwéè ńlá tí bàálù ń fi ẹ̀rọ balẹ̀ sí, ìlà yìí máa ń jìnnà tó 90 mítà sí àárín rọ́nwéè. Ìyẹn ni pé bàálù tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ kò ní sí lójú ọ̀nà ìyẹ́ ẹni tó ń sáré kọjá.

Àṣẹ “dúró” yìí ni òfin rédíò ní kí awakọ̀ tún sọ padà lẹ́nu ara rẹ̀, tòun ti orúkọ rọ́nwéè. Kò tó kó dáhùn pé òun ti gbọ́. Bí kò bá tún un sọ, olùdarí gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, iná gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dà. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lálẹ́ á ti rí àwọn iná búlúù kéékèèké tó tò lọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Etí tásíwéè ni wọ́n wà. Níbi tí owó bá ti tó, iná àwọ̀ ewé wà nínú ilẹ̀ ní àárín tásíwéè, táyà imú á máa gba orí wọn lọ. Bí bàálù bá wọ rọ́nwéè, búlúù yóò di funfun: iná funfun ló wà ní etí rọ́nwéè lọ́tùn-ún lósì, wọn kì í sì í jìnnà síra ju 60 mítà lọ. Ẹnu ọ̀nà tí ẹni tó ń balẹ̀ ń rí láti òkè jẹ́ iná àwọ̀ ewé ní ìbú. Ìparí rẹ̀ jẹ́ pupa.

Kí ló máa sọ fún awakọ̀ tó ń sáré nínú òkùnkùn pé ọ̀nà ti ń tán? Ní 600 mítà tó gbẹ̀yìn, iná etí rọ́nwéè yí láti funfun sí yẹ́lò. Lórí rọ́nwéè tó ní iná ní àárín, ìkìlọ̀ náà tètè bẹ̀rẹ̀. Bó bá ku 900 mítà, iná àárín á di pupa kan, funfun kan, pupa kan, funfun kan. Bó bá ku 300, gbogbo rẹ̀ á pupa. Awakọ̀ tó balẹ̀ nínú òjò tó sì rí i pé pupa àti funfun ti ń dàpọ̀ níwájú mọ̀ pé àkókò tó láti tẹ bíréèkì dáadáa, láìka nọ́ńbà mítà kankan.

Àwọn ará Èkó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí irú iná bẹ́ẹ̀ kò bá sí. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí rọ́nwéè 18L ti Ìkẹjà kò fi ní iná. Bí oòrùn bá ti wọ̀, kò sí ẹni tó lè lò ó mọ́. Gbogbo bàálù tó ń ti Àbújá tàbí Pọ́tá bọ̀ lálẹ́ ní láti lọ balẹ̀ sórí 18R, kí wọ́n wá máa yí gbẹ̀rẹ̀ gbẹ̀rẹ̀ bọ̀ wá sí ibùdó ti abẹ́lé, epo ń jó, èrò ń ráhùn. Ọdún 2022 ni wọ́n ti rọ́nwéè náà pa láti fi iná sí i, títí di òpin ọdún yẹn kí iná tó tàn.

Ọ̀nà tí kò ní iná lè ṣe ju kó dáni dúró lọ. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 2006, ní ìlú Lẹ́síńtìnnì ní ìpínlẹ̀ Kẹntọ́kì lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí bàálù ilé-iṣẹ́ Komẹ́ẹ̀ gbéra lórí rọ́nwéè 22. Òkùnkùn ṣì wà. Orí 26 tó wà nítòsí ni àwọn awakọ̀ yà sí, kò gùn ju ìdajì èkejì lọ, kò sì ní iná etí rárá. Kọ́ḿpáàsì wọn fi nǹkan bí 40 dígírì yàtọ̀ sí ohun tó yẹ. Wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ láàárín ara wọn bí wọ́n ti ń sáré pé iná kò sí. Ọ̀nà tán kí bàálù tó lè gòkè. Nínú ènìyàn 50, ẹnì kan ṣoṣo ló yè.

Àmọ́ tí a bá fẹ́ mọ bí ìlà, iná àti pátákó ṣe ń gbani, àti bí wọ́n ṣe ń já ènìyàn kulẹ̀, pápákọ̀ Linate ní ìlú Mílàn, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ni ká lọ. Ó ṣẹlẹ̀ pé orúkọ kan náà ni rọ́nwéè ńlá ibẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà pẹ̀lú ti Ìkẹjà: 18L láti àríwá, 36R láti gúúsù.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 2001 ni. Ìkùukùu bolẹ̀ débi pé awakọ̀ kò lè ríran ju bí 50 sí 100 mítà lọ. Bàálù kékeré kan, Sẹsná tó gbé ènìyàn mẹ́rin, wà ní ibùdó ti ìwọ̀ oòrùn, ó fẹ́ lọ sí Párísì. Bàálù ńlá ti ilé-iṣẹ́ SAS, tó gbé ènìyàn 110, ń palẹ̀ mọ́ ní ibùdó ti àríwá láti lọ sí Kopenhágìn. Rédà tó yẹ kó máa fi bàálù orí ilẹ̀ han olùdarí ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti 1999. Tuntun kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà olùdarí kò rí nǹkan kan láti ojú fèrèsé, kò sì rí nǹkan kan lórí ẹ̀rọ. Ohun tí àwọn awakọ̀ bá sọ fún un nìkan ló ní.

Tásíwéè méjì ló jáde láti ibùdó tí Sẹsná wà. R5 yà sí òsì, ó yípo orí rọ́nwéè ní ìhà àríwá, kò gba ojú rọ́nwéè kọjá. R6 yà sí ọ̀tún, ó sì gba àárín rọ́nwéè gan-an kọjá. Olùdarí ní kí Sẹsná gba R5. Awakọ̀ tún un sọ padà pé R5. Nígbà tí wọ́n dé oríta, R6 ni wọ́n gbà.

Kí ló fà á? Ìwádìí tí àjọ ilẹ̀ Ítálì gbé jáde ní 2004 fi hàn pé àmì ilẹ̀ àti pátákó ibẹ̀ kò bá ìlànà àjọ àgbáyé ICAO mu. Nínú ìkùukùu yẹn, kò sí pátákó dúdú kan tó tàn yòò tó máa sọ fún wọn pé orí R6 ni wọ́n wà. Ọ̀dà tó wà nílẹ̀ ti ṣá. Tèmi ni pé orúkọ méjì tó fi nọ́ńbà kan ṣoṣo yàtọ̀, tó tún jáde láti ibì kan náà, ti jẹ́ wàhálà fúnra rẹ̀ kí ìkùukùu tó dé.

Bí wọ́n ti ń lọ lórí R6, wọ́n rí lẹ́tà kan tí wọ́n kùn sílẹ̀: S4. Awakọ̀ pe olùdarí, ó ní òun ti ń sún mọ́ rọ́nwéè, òun wà ní S4. Ẹ kíyè sí i, ibi yìí ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bí ẹni tó wà lókè bá mọ ibi tí S4 wà, ì bá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀nà tí kò yẹ ni ọkùnrin yìí wà, ì bá sì ti ní kó dúró. Ṣùgbọ́n S4 kò sí nínú máàpù olùdarí, kò sì sí nínú èyí tí àwọn awakọ̀ ń lò. Ó kàn wà nílẹ̀ ni. Olùdarí gbà pé Sẹsná ti dé ìhà àríwá bí òun ṣe pàṣẹ. Ó ní kó dúró ná. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní kó máa bá ìrìn lọ sí ibùdó ńlá.

Bí ènìyàn bá gbọ́ ìtàn dé ibí, á fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru olùdarí. Ṣùgbọ́n àwọn àmì kan ṣì wà láàárín Sẹsná àti rọ́nwéè. Ìlà yẹ́lò wà nílẹ̀ tó ní kí a dúró. Iná pupa tò ní ìbú ọ̀nà. Pátákó rọ́nwéè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lọ lórí R5 tòótọ́ kò yẹ kó gba ojú rọ́nwéè kọjá rárá, nítorí náà àwọn àmì wọ̀nyí ti ń sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n rò pé wọ́n wà kọ́ ni wọ́n wà. Wọ́n kọjá gbogbo rẹ̀. Olùdarí ti ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n sì jẹ́ kí ohùn rédíò borí ohun tí ojú ń rí. Àwọn awakọ̀ wọ̀nyí tilẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ nínú irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀.

Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀ ni bàálù SAS, tó ti ń gbé imú sókè lórí 36R, kọ lu Sẹsná. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún rẹ̀ já sílẹ̀, ó gòkè díẹ̀, ó sì wó lu ilé tí wọ́n ti ń to ẹrù lẹ́yìn rọ́nwéè. Ẹnikẹ́ni kò yè nínú bàálù méjèèjì. Mẹ́rin kú nínú ilé ẹrù náà, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ènìyàn 118.

Òfin tó jẹ mọ́ iná pupa tó wà ní ìbú tásíwéè ṣe kedere, ó sì ti wà kí ọ̀rọ̀ Linate tó ṣẹlẹ̀: tí ó bá ń tàn, bàálù á dúró, ìgbà tí wọ́n bá pa á ni yóò tó lọ. Kó tilẹ̀ jẹ́ olùdarí fúnra rẹ̀ ló ní kí awakọ̀ kọjá, tí iná pupa bá ṣì ń tàn, awakọ̀ gbọ́dọ̀ pè é padà kó sọ fún un pé iná ṣì wà. Ní pápákọ̀ tí wọ́n ti ṣe é dáadáa, bí olùdarí bá ti pa iná pupa ni iná àwọ̀ ewé tó wà níwájú rẹ̀ máa tàn, kí ojú àti etí lè gbọ́ ohun kan náà. Àwọn ibòmíràn tún fi iná yẹ́lò méjì méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tásíwéè, tí wọ́n ń ṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru, láti kìlọ̀ pé rọ́nwéè ti dé.

Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ nínú gbogbo ètò yìí kì í ṣe ohun ńlá. Táyà bàálù tó ń balẹ̀ máa ń yọ́ lé ilẹ̀ títí rọ́bà dúdú á fi bo ìlà funfun mọ́lẹ̀, àfi kí wọ́n fi omi tó lágbára bó o kúrò. Oòrùn máa ń jẹ yẹ́lò títí á fi jọ kọnkéré. Gílóòbù iná máa ń jó. Eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú pátákó ní àsìkò náà gan-an tí awakọ̀ nílò rẹ̀ jù, tí wọ́n kì í ríran jìnnà ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Tí wọ́n bá sì yí ètò ọ̀nà padà láìha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, S4 mìíràn ni wọ́n ti dá sílẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí pápákọ̀ wa wà níkàáwọ́ yín, kí ọyẹ́ tó dé lọ́dọọdún, ẹ gbé máàpù tí awakọ̀ ń lò lọ́wọ́, ẹ rin ojú tásíwéè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́sàn-án àti lóru. Lẹ́tà tó bá wà nílẹ̀ tí kò sí nínú máàpù, ẹ ha á kúrò. Èyí tó bá wà nínú máàpù tí ojú kò rí nílẹ̀, ẹ tún un kùn.